Àlọ́ Ìgbín fún oorun ọmọdé: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ gba àlọ́ sílẹ̀ nílé

Àwọn òbí àti olùkọ́ jéléósinmi ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti gbọ́ àlọ́ Ìgbín tí a gbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké máa ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè ṣe irú rẹ̀. Àlọ́ kan ṣoṣo yìí ni màá fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn. Àlọ́ náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, fóònù ni a fi gba ohùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni a sì fi tò ó pọ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti àlọ́ tí à ń pa fún ọmọ ní ìrọ̀lẹ́?

Iṣẹ́ àlọ́ ìrọ̀lẹ́ ni láti kó àwọn ọmọ jọ, kí ojú wọn sì là. Apàlọ́ á ké, wọ́n á gbè é, wọ́n á pàtẹ́wọ́, Ìjàpá á kó sí ìjàngbọ̀n, gbogbo wọn á sì fẹ́ mọ bí yóò ṣe yọ. Ìfẹ́ láti mọ ohun tó kàn yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ọmọ sùn. Tí ẹ bá gba irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ lórí ibùsùn, yóò jókòó.

Àlọ́ oorun ní láti máa dínkù bó ṣe ń lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ á máa dínkù, ọ̀rọ̀ á máa dínkù, ìró á máa lọ sílẹ̀. Nínú àlọ́ Ìgbín, kò sí ọ̀tá, kò sí ẹni tó sọnù, kò sí ohun tí a fi pamọ́ fún ọmọ. Ìgbín kan ń wá ibi tí yóò sùn sí. Gbogbo ibi tó bá dé ni iṣẹ́ ti ń parí fún ọjọ́ náà, ìró ibẹ̀ á sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìlú ṣe ń dákẹ́ níbì kan tẹ̀ lé òmíràn nìyẹn, títí tó fi ku odò nìkan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ìdáhùn yìí ni pé kí àtúnwí kọ̀ọ̀kan rọlẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ṣé a lè rí bí àlọ́ náà ṣe rí lórí ìwé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Apá àkọ́kọ́ nìyí, bí a ṣe kọ ọ́ kí a tó gbà á sílẹ̀. Ohun tó wà nínú àkámọ́ jẹ́ àmì fún ẹni tó ń to ìró, a kì í kà á síta:

Ààlọ́ o!
[ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ọmọ láti dáhùn]
Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìgbín kékeré sọ̀ kalẹ̀ láti ẹsẹ̀ Olúmọ. Oorun ń kùn ún. Ó ń wá ibi tí yóò sùn sí.
Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e.
Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ibi oorun ò jìnnà.
[dúró díẹ̀]
Ó dé Ìtòkú. Àwọn ìyá aládìrẹ ń lu aṣọ.
[ìró aṣọ: gbì… gbì… gbì… gbì…]
Ìgbín ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé mo lè sùn síbí?"
Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, aṣọ pọ̀ nílẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, àwa náà fẹ́ dáwọ́ dúró."
[ìró aṣọ, ó falẹ̀: gbì…… gbì……… ó dákẹ́]
"Ó dàárọ̀ o, Ìgbín."
"Ó dàárọ̀ o, Ìyá."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ègbè "Ìgbín fà" á tún wá, Ìgbín á sì dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Ìyá náà á dáwọ́ dúró, iná á kú. Ègbè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di Láfẹ́nwá, níbi tí rélùwéè ti ń kọjá lọ ní òkèèrè, a ò sì gbọ́ ọ mọ́. Ègbè ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló gbé e dé etí odò Ògùn. Odò kò dá a lóhùn rárá, ó kàn ń ṣàn. Ìgbín fà wọ inú ìkarahun rẹ̀. Ibẹ̀ ni àlọ́ parí sí.

Ẹ ó rí i pé ibùdó mẹ́ta péré ni ó ṣáájú odò. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n fi Pánṣẹ́kẹ́ àti Kútọ̀ kún un kí àlọ́ lè gùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè mú mẹ́ta dání lọ́kàn, kí ó sì mọ̀ pé òpin ti ń súnmọ́. Tó bá di márùn-ún tàbí mẹ́fà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ibi tó kàn, ẹni tó ń méfò kò sì tíì fẹ́ sùn.

Ṣé àtúnwí tó pọ̀ báyìí kò ní sú ọmọ?

Àgbàlagbà ló máa ń sú. Ọmọ kékeré máa ń fẹ́ gbọ́ ohun tó ti mọ̀, nítorí pé nígbà tó bá ti mọ ohun tó ń bọ̀, kò ní láti ṣọ́ ọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú ègbè kò fi gbọdọ̀ yí padà rárá. Tí ẹ bá sọ pé "ìkarahun tẹ̀ lé e" lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ wá sọ pé "ìkarahun rẹ̀ náà tẹ̀ lé e" lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ tó ti ń tòògbé á là ojú láti bá yín tún un ṣe. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń yí padà ni bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ègbè àkọ́kọ́ wá ní ohùn tí ẹ fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Èkejì falẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta rọlẹ̀ sí i, àlàfo tó wà láàárín "jẹ́jẹ́" àkọ́kọ́ àti èkejì sì gùn. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ohùn ẹni tí oorun ti ń kùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìgbín ti wọlé sínú ìkarahun, ẹ sọ ìdajì péré: "Ìgbín fà…" Kí ẹ má parí rẹ̀. Ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́, ọmọ á parí rẹ̀ fún yín. Nígbà tó bá yá, kò ní sí ẹni tó máa parí rẹ̀, nítorí pé ó ti sùn.

Mo mú ègbè náà láti inú òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọmọ á tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ tó bá ti mọ́ ọmọ lára máa ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun lọ.

Kí ìró ṣáájú ọ̀rọ̀, àbí kí ọ̀rọ̀ ṣáájú ìró?

Ọ̀rọ̀ ló yẹ kó ṣáájú nínú àlọ́ oorun. Nínú eré orí rédíò, wọ́n máa ń fi ìró ṣáájú nítorí kí a lè béèrè pé, "Kí nìyẹn?" Ìbéèrè yẹn ni a ò fẹ́ níbí. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ pé àwọn ìyá ń lu aṣọ, ẹ dúró bí ẹni mí èémí kan, kí ìró aṣọ tó wọlé. Nígbà tó bá dún, ọmọ ti mọ̀ ọ́n, kò ní ta gìrì.

Kí ìró má sì wọlé lójijì. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó gòkè láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, kó sì lo ìlọ́po méjì àkókò yẹn láti fi parẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lórí ìró, kí ìró wà nísàlẹ̀ dáadáa. Ní orí Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ohùn pọ̀, mo máa ń jẹ́ kí ìró aṣọ ní Ìtòkú fi nǹkan bí 12 dB wà nísàlẹ̀ ohùn mi, gàrí fi 15, rélùwéè fi 18. Ẹ kò nílò láti há nọ́ńbà yẹn sórí. Ohun tí etí yín ní láti gbọ́ ni pé ibùdó kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ọmọ ju èyí tó kọjá lọ.

Báwo la ṣe ń rí àwọn ìró náà?

Ilé ìdáná ni a ti rí púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ti kọjá ní Ìtòkú nígbà tí wọ́n ń fi kùmọ̀ lu àdìrẹ kó lè dán mọ bí ìró yẹn ṣe rinlẹ̀ tó. A lọ gbà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ọ̀kadà àti ohùn àwọn oníbàárà wọ inú rẹ̀, ìró náà sì le jù fún ibùsùn. Èyí tí a lò níkẹyìn ni ọmọrogùn lórí tówẹ̀ẹ̀lì tí a ká sí mẹ́rin, lórí tábìlì igi. Ẹ lù ú bí ẹni tó ti rẹ̀.

Ti gàrí rọrùn jù lọ: ẹ da ìrẹsì tí a kò tíì sè, bí agolo mílíìkì kan, sórí tírè, kí ẹ máa fi ìdajì igbá tì í lọ, kí ẹ fà á bọ̀. Ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Ìró yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò ní ìlù nínú, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ bí èémí ẹni tó ń sùn. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe àlọ́ mìíràn, ẹ wá irú ìró báyìí: ọwọ̀ tó ń gbálẹ̀, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ewé, aṣọ tí a ń ká.

Fún rélùwéè, ẹ fi ìka méjì lu ẹ̀yìn ìwé tó nípọn, méjì-méjì, kí ẹ sì gbé fóònù sí ìkángun yàrá kejì. Ìjìnnà gidi dára ju ìjìnnà tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ. Kí ẹ má fi fèrè rélùwéè sí i rárá. Ní ti odò, òjò tó ń ṣàn nínú gọ́tà lẹ́yìn tó ti dá tó, tàbí omi tí ẹ rọra ń dà láti inú jọ́ọ̀gì sínú abọ́ ńlá tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Tí abọ́ bá ṣófo, omi á máa dún gbangba, ó sì máa ń mú ọmọ rántí pé òun fẹ́ tọ̀.

Ìró wo ni kò yẹ kó wọ inú rẹ̀?

Ilẹ̀kùn tí a ń kàn, ajá tó ń gbó, àkùkọ tó ń kọ, fèrè ọkọ̀, ọmọ tó ń sunkún, àti agogo fóònù. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọmọ ti mọ̀ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dìde fún. Ẹ̀rọ ata náà kò dára; ó wà ní gbogbo àdúgbò wa, ọmọ mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ kò ṣeé rọ̀.

Orin tó ní ìlù kíkankíkan kò yẹ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ má mú ìró inú fíìmù tàbí orin ẹlòmíràn láìgbàṣẹ.

Ṣé kí a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ọmọ lè sùn?

Rárá o. Ó tọ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tán-án-ná ọ̀fun yín kò gbọ̀n mọ́, èémí lásán ló ń jáde, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á sì di ọ̀kan náà. Àgbàlagbà á fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó láti fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ní láti tẹ́tí gidigidi, nígbà mìíràn á tilẹ̀ béèrè pé kí lẹ wí.

Ìṣòro kejì ni pé ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kò lágbára, ẹ ó fi kọ̀ǹpútà gbé e sókè, gbogbo ariwo yàrá á sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn tó tọ́ ni èyí tí ẹ fi ń bá ọmọ tó wà lórí itan yín sọ̀rọ̀: ó rọlẹ̀, ó súnmọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ ohùn. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé àyà tí ẹ sì rí i pé ó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ wà lójú ọ̀nà.

Ohun kan náà ló kan orin. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ègbè náà lórin, ẹ jẹ́ kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. "Jẹ́jẹ́" wà lókè, kí orin má gbé e wálẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kó dùn. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, kí ẹ sì fà á gùn díẹ̀díẹ̀. Orin rẹ̀ á jáde fúnra rẹ̀, kò sì ní fẹ̀ ju bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá àgbà tó bá ń sọ Ẹ̀gbá, kí wọ́n sọ Ẹ̀gbá wọn. Kí ẹ má tún un ṣe.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó falẹ̀ tó?

Àlàfo ló ń mú un falẹ̀, fífa ọ̀rọ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, kí ẹ wá dúró. Lẹ́yìn ègbè àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn èkejì, mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní etí odò, àlàfo á gùn tó mẹ́wàá láàárín gbólóhùn kan àti òmíràn, omi nìkan á sì máa dún. Ọmọ nílò àlàfo yìí láti fi dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ náà á sì máa falẹ̀ bí tiyín.

Gbólóhùn pẹ̀lú ní láti kúrú. Ní Ìtòkú, Ìgbín àti Ìyá àgbà jọ sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ ìyá onígàrí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ. Ní Láfẹ́nwá, Ìgbín kàn ní, "Ó dàárọ̀ o." Ìtòkú gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, gàrí gba ọ̀kan àti ààbọ̀, Láfẹ́nwá gba ọ̀kan. Odò ló gba èyí tó kù, ìyẹn bí ìdajì gbogbo àlọ́ náà. Ó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ìdajì kejì. Apá yẹn ni ọmọ ń sùn sí.

Ibo ni ká ti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò?

Aago mẹ́rin ìdájí, kí ìpè àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti kú nígbà náà, ọkọ̀ kò sì tíì pọ̀ lójú títì. Ẹ pa fáànù, ẹ yọ fíríìjì kúrò lára iná, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sílẹ̀ kí ẹ sì kọjú sí i. Aṣọ tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn yín lu ògiri padà. Tí kò bá sí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé fóòmù ibùsùn ti ògiri tó wà níwájú yín, kí ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí àga tó wà lẹ́yìn. Àwọn tó ń béèrè bóyá ó burú láti pa àlọ́ lọ́sàn-án, bí àwọn àgbà ṣe ń kìlọ̀, ìdájí gba gbogbo wa lọ́wọ́ àríyànjiyàn yẹn.

Fóònù á wà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ tí a là sílẹ̀ sí ẹnu yín, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Ẹ tan Airplane mode kí ìpè má wọlé. Nínú ètò tí ẹ fi ń gba ohùn, ẹ yan WAV bó bá wà, nítorí pé M4A kì í ṣí lórí Audacity lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan àyàfi tí a bá fi ohun mìíràn kún un. Ẹ wò ó bóyá ètò náà ní ibi tí a ti ń pa ìgbéga ohùn aládàáṣe. Tí ẹ kò bá pa á, fóònù á máa gbé ariwo yàrá sókè nígbàkígbà tí ẹ bá dákẹ́, nínú àlọ́ tó kún fún àlàfo sì rèé, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yín á máa hó. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ariwo á máa wú láàárín gbólóhùn, á sì rọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó dìde, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí fóònù sì máa gba yàrá tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó nílò rẹ̀.

Kí ni ká ṣe lórí kọ̀ǹpútà?

Díẹ̀ ni. Ohùn yín wà lórí ìlà kan, ìró kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ìlà tirẹ̀. Ẹ mú ìdajì ìṣẹ́jú yàrá tó dákẹ́ yẹn, kí ẹ fi hàn fún Noise Reduction pé ariwo nìyí, kí ẹ wá ní kó dín in kù ní 6 dB. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. High-Pass Filter ní 80 Hz á dín ìró ìsàlẹ̀ jẹnẹrétọ̀ òkèèrè kù. Yàrá tó dákẹ́ yẹn kan náà ni ẹ ó fi dí àlàfo. Tí ẹ bá fi òfo pátápátá sí i, ọmọ á rò pé fóònù ti kú, á sì pè yín.

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́ ni ìkẹyìn. Wọ́n á fi Compressor tàbí Loudness Normalization sí apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó lè "gbọ́ dáadáa," gbogbo rírọlẹ̀ tí wọ́n ṣe á sì parẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni láti mú kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ẹ má fọwọ́ kan Compressor. Ẹ lo Loudness Normalization lẹ́ẹ̀kan, lórí odidi àlọ́ tí a ti pa pọ̀, ní -20 LUFS. Ẹ fi Fade Out sí ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, odò á sì máa lọ títí a ò fi ní mọ ìgbà tó tán. Ẹ má fi orin ìparí tàbí "ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́" sí i.

Kí ló dé tí ìró aṣọ fi ń dún kò-kò-kò lórí fóònù mi?

Sípíkà fóònù kéré, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. "Gbì" tó rinlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà á di "kò" lórí fóònù. Fóònù kékeré tó wà nílé ni kí ẹ fi gbọ́ ọ kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ parí. Tó bá ń dún "kò," ẹ fi tówẹ̀ẹ̀lì kejì kún ti àkọ́kọ́ kí ẹ tún un gbà, tàbí kí ẹ rọ̀ ọ́ sí i.

Kí fóònù wà lórí tábìlì ní ìkángun yàrá, kí ó dojú bolẹ̀ kí iná rẹ̀ má baà tàn. Kí ó má wà lábẹ́ ìrọ̀rí, nítorí ooru, kí okùn íafóònù má sì sí lọ́rùn ọmọ tó ń sùn. Ohùn tí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ti tó.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Ẹ jókòó ti ọmọ ní alẹ́ mẹ́ta, kí ẹ má wo fóònù yín, òun ni kí ẹ wò. Tó bá ń dáhùn ègbè, tí ohùn rẹ̀ sì ń kéré sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó dára. Tí ohùn rẹ̀ bá ń ga sí i, àlàfo yín kúrú jù, ó ń sáré bá yín. Tó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí ìró kan wọlé, ìró yẹn súnmọ́ ọn jù. Tó bá la ojú níbì kan náà lálaalẹ́, ẹ kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. Lọ́dọ̀ ìyá kan ní Àṣẹ́rò, ọmọ wọn máa ń jí ní ìbẹ̀rẹ̀ odò. Nígbà tí a gbọ́ ọ, rélùwéè ti parẹ́ tán kí odò tó wọlé, àlàfo kékeré kan sì wà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. A fa odò wá sẹ́yìn kó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rélùwéè, jíjí náà sì dáwọ́ dúró.

Alẹ́ àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan púpọ̀ fún yín. Ohun tuntun ni, ọmọ á gbọ́ ọ dópin.

Ṣé a lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp?

Ẹ lè fi ránṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ di MP3, mono, 64 kbps. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án á tó 4.3 MB. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document. Kí ẹ má gé e sí ohùn kéékèèké ṣọwọ́, nítorí pé tí ọ̀kan bá parí, WhatsApp á dún kó tó bọ́ sí èkejì, ìró yẹn á sì bọ́ sí àárín oorun.

Ṣé kí a ní àlọ́ tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ béèrè. Àwọn kan ń gbọ́ Ìgbín láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé, wọn kò sì fẹ́ òmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tuntun, ẹ pa ègbè, ohùn yín àti odò mọ́ bó ṣe wà, kí ẹ pààrọ̀ àwọn ibùdó nìkan: ẹni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ igi, ìyá tó ń ká aṣọ, òjò lórí ewé kókò. Ẹ tẹ tuntun náà ní ìrọ̀lẹ́ kan kí ọmọ gbọ́ ọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, kí ẹ tó gbé e lọ sí ibùsùn.